Ohun tó ṣẹ́kù ni ẹlẹ́rìí: bí a ṣe ń mọ ìnáwó tí a kọ sínú ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ ìṣirò owó ní ọdún kìíní ilé ẹ̀kọ́ gíga, gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi ní Lagere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ìsàlẹ̀ tíráyà bálánsì rẹ̀, ìwé tí a ń to àpapọ̀ gbogbo àkọsílẹ̀ owó sí ní apá méjì, ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí, níbi tí ó ti fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ àpapọ̀ dẹ́bíìtì àti ti kírẹ́díìtì.

“Àǹtí, ó bálánsì,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èrè tí mo rí fi ₦144,000 ju ti olùkọ́ wa lọ. Mo ti ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í.”

Kò lè rí i, nítorí pé ibi tí kò sí ni ó ń wá a sí. Ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ni ó ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àṣìṣe kankan nínú ìròpọ̀ rẹ̀. Ohun tí tíráyà bálánsì ń sọ fún wa kò ju pé iye tí a kọ sí dẹ́bíìtì dọ́gba pẹ̀lú iye tí a kọ sí kírẹ́díìtì. Bí a bá mú ìnáwó ọdún 2024, tí a gbé e sínú ìwé ọdún 2025, tí a sì kọ ọ́ sí apá méjèèjì bó ṣe yẹ, ìwé ọdún méjèèjì ni yóò bálánsì, ìwé ọdún méjèèjì ni kò sì ní sọ òótọ́. Irú àṣìṣe yìí, tó jẹ́ pé iye tọ́ ṣùgbọ́n àkókò kò tọ́, ni ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa ìdínkù iye ohun ìní, èyí tí wọ́n ń pè ní dipirisiéṣọ̀n, àti nípa àwọn àkọsílẹ̀ àtúnṣe tí a ń ṣe kí a tó ti ìwé ọdún.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹni tí ó ra ẹran àwìn ní ọjọ́ Kérésìmesì, tí ó sì san owó rẹ̀ ní oṣù Kìíní, kò lè sọ pé oṣù Kìíní ni òun jẹ ẹran náà. Ọdún tó kọjá ni ó jẹ ẹ́, ọdún náà ni ìnáwó rẹ̀ wà, gbèsè nìkan ni ó bá a wọ ọdún tuntun. Bákan náà, ẹni tí ó san owó ilé ọdún kan sílẹ̀ kò tíì lo ilé náà fún ọdún kan. Ó ṣì ní oṣù tí yóò gbé lọ́wọ́ onílé. Nítorí náà, ìnáwó jẹ́ ti àkókò tí a fi lo ohun tí a náwó lé lórí, yálà owó ti jáde ṣáájú tàbí yóò jáde lẹ́yìn. Gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó ni ó lè ka gbólóhùn yìí lórí. Ìgbà tí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin bá wà nínú ìbéèrè kan náà ni ó máa ń dà wọ́n láàmú.

Ìbéèrè tí wọ́n fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dá lórí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan tí ó ń ti ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2024. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní kí ó ṣe àtúnṣe lé lórí: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, owó ilé, àti owó iná mànàmáná. Kí n tó ka ìdáhùn rẹ̀ rárá, mo fi pẹ́ńsù ya àpótí kéékèèké méjìlá sí ẹ̀yìn ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan nínú ọdún 2024, mo sì fi àyè sílẹ̀ ní apá òsì fún ọdún tó ṣáájú àti ní apá ọ̀tún fún ọdún tó ń bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè sọ pé wọ́n san ₦1,200,000 fún un ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, pé wọ́n ná ₦60,000 lé e láti gbé e wá àti láti tò ó, pé ó ti wà ní ipò tí ó lè ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n pé nítorí iná tí kò sí ní àdúgbò náà, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó fi tẹ ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n retí pé yóò lo ọdún márùn-ún, àti pé lẹ́yìn náà wọ́n lè tà á ní àlòkù ní ₦180,000. Iye kan náà ni kí wọ́n máa yọ lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí oṣù tó wà nínú ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ náà yọ ₦180,000 kúrò nínú ₦1,200,000, ó pín ₦1,020,000 tó kù sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì kọ ₦204,000 sílẹ̀ fún ọdún 2024. Ó wá mú ₦60,000 owó ìgbéwá àti ìtò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ìnáwó ọkọ̀ ọdún náà. Àṣìṣe àkókò méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣe kedere, èkejì fara pamọ́.

Èyí tó ṣe kedere ni pé ó ka odindi ọdún fún ẹ̀rọ tí kò pé ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìbéèrè náà gbé síwájú rẹ̀: ọjọ́ tí owó jáde, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ṣe tán láti ṣiṣẹ́, àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tó dá lórí ohun ìní báyìí, IAS 16, ti yanjú rẹ̀ pé ìgbà tí ohun ìní bá ti wà ní ibi tí ó yẹ àti ní ipò tí ó fi lè ṣiṣẹ́ ni ìdínkù iye rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò dúró de ọjọ́ tí iná dé. Ẹ̀rọ tó jókòó láìṣiṣẹ́ ń gbó, tuntun mìíràn sì ń jáde tí yóò sọ ọ́ di ti àtijọ́. Oṣù Kẹrin ni a óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, a kò ní kà á láti oṣù Kejì tí owó jáde tàbí láti oṣù Karùn-ún tí iná dé.

Níbi kíka oṣù náà, mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó yọ 4 kúrò nínú 12, tí wọ́n sì sọ pé oṣù mẹ́jọ ni. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa Yorùbá ni a ń ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí pé bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà láyé àtijọ́ kò gbà á láàyè: bí a bá ń ná ọjà ní ọrọọrún, ọjọ́ tí a ná an lónìí wà nínú márùn-ún tí a ń kà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oṣù tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní rẹ̀ ṣe wà nínú iye. Ọmọ náà fi ìka tẹ àwọn àpótí tí mo yà, láti Kẹrin dé Kejìlá, ó sì ka mẹ́sàn-án.

Èyí tó fara pamọ́ ni ₦60,000. Owó tí a ná kí ẹ̀rọ tó lè dé ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́, àti kí ó tó lè ṣiṣẹ́, jẹ́ ara iye tí a fi ra ẹ̀rọ náà. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ sí ìnáwó ọdún 2024, ohun tí a ń sọ ni pé ọdún kan ṣoṣo ni ìgbéwá náà wúlò fún wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún márùn-ún tí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́ ni yóò fi wúlò. Nítorí náà, iye ẹ̀rọ jẹ́ ₦1,260,000. Bí a bá yọ iye àlòkù, yóò ku ₦1,080,000. Èyí fún wa ní ₦216,000 lọ́dún, tàbí ₦18,000 lóṣù. Oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦162,000. Ọmọ náà kọ ₦264,000 bí a bá ro owó ìgbéwá mọ́ ọn. Ó fi ₦102,000 lé.

Níbí ni mo ti fi ọ̀nà tí èmi fi ń yẹ iṣẹ́ wò hàn án. Dípò kí n tún ìṣirò ìnáwó ṣe láti òkè, ohun tó ṣẹ́kù ní òpin ọdún ni mo máa ń bi léèrè: oṣù mélòó ni ìwọ dúró fún? Bí iye tó kù kò bá lè tọ́ka sí oṣù tí ó dúró fún, a ti kọ ìnáwó kan sí àkókò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò lo oṣù ọgọ́ta, tí ó ti lo mẹ́sàn-án, gbọ́dọ̀ ku oṣù mọ́kànléláàádọ́ta. Nínú ìdáhùn tó tọ́, ₦1,260,000 dín ₦162,000 jẹ́ ₦1,098,000. Bí a bá yọ iye àlòkù kúrò, yóò ku ₦918,000, èyí tí ó jẹ́ ₦18,000 ní ọ̀nà mọ́kànléláàádọ́ta láìṣẹ́kù. Nínú ìwé tirẹ̀, ₦1,200,000 dín ₦204,000 jẹ́ ₦996,000. Bí a bá yọ àlòkù, ₦816,000 ni. Ó sì ń yọ ₦17,000 lóṣù, nítorí náà oṣù méjìdínláàádọ́ta ni ìwé rẹ̀ ní ó kù fún ẹ̀rọ náà. Ta ló jẹ oṣù mẹ́ta?

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀rọ, mo rán an létí pé àwọn ìbéèrè ìdánwò kan máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé kí a yọ ti odindi ọdún ní ọdún tí a ra ohun ìní, kí a má sì yọ ohunkóhun ní ọdún tí a tà á. Bí ìbéèrè bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a kò ní ka oṣù mọ́. ₦216,000 ni yóò jẹ́. Gbólóhùn ìbéèrè ni a ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí a ṣe nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni ó dá àṣìṣe tó tóbi jù sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn ọmọ náà ti balẹ̀ jù. Ṣọ́ọ̀bù náà san ₦480,000 ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 2024, fún oṣù méjìlá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pín in dáadáa: oṣù mẹ́rin ní ₦40,000 jẹ́ ₦160,000 fún ọdún 2024, oṣù mẹ́jọ tó kù jẹ́ ₦320,000, èyí tí ó pè ní àsansílẹ̀. Ó wá kọ ₦160,000 gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ilé ọdún náà, ó sì kọjá sí ohun mìíràn.

Mo ní kí ó pín ₦160,000 náà sí oṣù méjìlá. Kò tó ₦14,000 lóṣù kan. Mo bi í pé ṣọ́ọ̀bù wo ni onílé ń gba ₦40,000 lóṣù lé lórí, tí ìnáwó ilé rẹ̀ yóò wá kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo àpótí oṣù Kìíní dé Kẹjọ tí kò kọ ohunkóhun sí.

“Níbo ni wọ́n wà láti oṣù Kìíní dé Kẹjọ?” ni mo bi í.

“Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni, Àǹtí. Àbí kí ni?”

“Ta ló san án?”

Ó ṣí ìwé padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Lára ohun tí ṣọ́ọ̀bù náà bẹ̀rẹ̀ ọdún pẹ̀lú, ₦240,000 wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní owó ilé àsansílẹ̀. Wọ́n ti san ₦360,000 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 fún oṣù méjìlá, ₦30,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ bọ́ sí ọdún 2024. Nígbà tí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ parí, ₦240,000 náà kì í ṣe ohun ìní mọ́, a ti gbé e tán. Ìnáwó ilé tó tọ́ ni ₦240,000 àti ₦160,000, èyí tí ó jẹ́ ₦400,000.

Bí ó bá ti bi ohun tó ṣẹ́kù léèrè ni, ìwé fúnra rẹ̀ ì bá ti sọ fún un. Nínú lẹ́jà rẹ̀, ₦560,000 ni ó kù ní àsansílẹ̀ ní òpin ọdún. ₦320,000 nínú rẹ̀ lè tọ́ka sí oṣù Kìíní dé Kẹjọ ọdún 2025. ₦240,000 yòókù kò ní oṣù kankan níwájú tí ó lè tọ́ka sí. Àwọn olùkọ́ a máa fi èyí dán ọmọ wò, nítorí pé ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń pín owó tuntun sábà máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí, ó sì máa ń gbàgbé ohun tí ọdún àná fà lé e lọ́wọ́.

Ti owó iná kò gùn. Àwọn bíìlì tí wọ́n san láàárín ọdún 2024 jẹ́ ₦290,000 lápapọ̀, ọmọ náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bíìlì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ₦21,000, jẹ́ ti oṣù Kejìlá ọdún 2023, tí a ti kà mọ́ ìnáwó ọdún náà tí a sì kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè, èyí tí mo ń pè ní àjẹsílẹ̀. Bíìlì oṣù Kejìlá ọdún 2024, ₦27,000, kò dé ọwọ́ wọn títí di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, 2025. Ìdáhùn tó tọ́ ni ₦290,000 dín ₦21,000, kí a wá fi ₦27,000 kún un: ₦296,000. Ìyàtọ̀ ₦6,000 péré ni ó wà láàárín tirẹ̀ àti èyí tó tọ́, ó sì fẹ́ fojú fò ó. N kò gbà fún un. Àṣìṣe méjì ni ó bo ara wọn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀kan ní òpin. Bí bíìlì oṣù Kejìlá bá ti jẹ́ ₦21,000 lọ́dún méjèèjì ni, ìnáwó rẹ̀ ì bá bá ti olùkọ́ mu, síbẹ̀ gbèsè tó wà nínú ìwé rẹ̀ yóò jẹ́ gbèsè tí a ti san láti ọdún kan sẹ́yìn.

Ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lórí ẹ̀rọ, ó fi ₦102,000 lé ìnáwó. Lórí ilé, ó fi ₦240,000 dín in. Lórí iná, ó fi ₦6,000 dín in. Lápapọ̀, ìnáwó rẹ̀ dín ní ₦144,000, èrè rẹ̀ sì fi iye yẹn gẹ́lẹ́ lé. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tí iye náà jáde.

Nítorí pé wọn kò tíì ti ìwé ọdún 2024 nínú ìbéèrè náà, mo ní kí ó má pa ohun tó ti kọ rẹ́, kí ó kọ àkọsílẹ̀ mìíràn tí yóò gbé ohun tó ṣì kọ lọ sí àyè rẹ̀. Ó fi ₦60,000 sí dẹ́bíìtì ẹ̀rọ, ó sì fi í sí kírẹ́díìtì ìnáwó ọkọ̀. Ìdínkù iye tó ti kọ fi ₦42,000 ju ₦162,000 lọ, nítorí náà ó fi ₦42,000 sí dẹ́bíìtì àkójọ ìdínkù iye, níbi tí a ń kó gbogbo ìdínkù tí a ti yọ jọ sí, àti sí kírẹ́díìtì ìnáwó ìdínkù iye. Ó fi ₦240,000 sí dẹ́bíìtì ìnáwó ilé, ó sì fi í sí kírẹ́díìtì àsansílẹ̀. Ti iná, mo ní kí ó kọ ọ́ ní méjì, kí ó má kọ ₦6,000 lẹ́ẹ̀kan: ₦21,000 sí dẹ́bíìtì àjẹsílẹ̀ àti kírẹ́díìtì ìnáwó iná, lẹ́yìn náà ₦27,000 sí dẹ́bíìtì ìnáwó iná àti kírẹ́díìtì àjẹsílẹ̀. Bí ó bá kọ ₦6,000 nìkan, gbèsè yóò jẹ́ ₦27,000 bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé náà kò ní mọ̀ pé gbèsè àtijọ́ ti kúrò, tuntun ti dé.

Ìgbà tí ó ti ń di ìwé rẹ̀ sínú báàgì ni ó béèrè ohun tó dára jù lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: ká ní kò sí ẹni tó rí àwọn àṣìṣe yìí títí ọdún fi yí, ṣé wọn kò ní tún ara wọn ṣe? Ti bíìlì iná ₦27,000 tí kò kọ yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ₦27,000 bá bọ́ sí ìnáwó ọdún 2025 nígbà tí wọ́n san án, ọdún 2024 ti jèrè jù, ọdún 2025 yóò jèrè dín, bí a bá sì ro ọdún méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ kò sí mọ́. Ti ilé kò rí bẹ́ẹ̀. ₦240,000 tó jókòó sí àsansílẹ̀ kò ní ọjọ́ tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Yóò máa wà nínú ohun ìní lọ́dọọdún títí ẹnìkan yóò fi béèrè oṣù tí ó dúró fún. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí a ti ti ìwé 2024 ni a tó rí i, a kò gbọ́dọ̀ dà á lé orí ìnáwó ilé ọdún tí a wà, nítorí pé a óò tún fi àṣìṣe àkókò tún àṣìṣe àkókò ṣe. Nígbà tí iye náà bá tóbi tó láti yí èrò ẹni tó ń ka ìwé padà, àwọn nọ́ńbà ọdún 2024 ni a ń tún kọ nígbà tí a bá gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2025.

Ti ẹ̀rọ ni ó gùn jù, mo sì ní kí ó ṣírò ó fúnra rẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, ₦60,000 àti ₦204,000 lọ́nà márùn-ún jẹ́ ₦1,080,000. Nínú ìdáhùn tó tọ́, ₦162,000 fún ọdún 2024, ₦216,000 lọ́nà mẹ́rin fún 2025 dé 2028, àti ₦54,000 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2029, jẹ́ ₦1,080,000 bákan náà. ₦102,000 tó fi lé ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ yóò máa padà ní ₦12,000, ₦12,000, fún ọdún mẹ́rin, ₦54,000 yòókù yóò sì padà ní ọdún 2029, nígbà tí ìwé rẹ̀ yóò ti kà á pé ẹ̀rọ náà ti di àlòkù láti oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò sì ṣì ní oṣù mẹ́ta tí yóò tẹ̀wé.